Owó Màmá Nínú Bọ́ǹdù Ilé-Iṣẹ́ Ìgò

Lẹ́yìn ikú ìyá rẹ̀, obìnrin tí wọ́n ń pè ní Adájọ́ níbi iṣẹ́ kò sunkún. Kì í ṣe pé ó ń ṣe ọkàn akin. Ẹkún náà ni kò wá. Wọ́n sin ìyá, àwọn ẹbí tú ká, ó padà sẹ́nu iṣẹ́, ó sì rí i pé gbogbo nǹkan dà bí ìgbà tí èèyàn ń jẹun lẹ́yìn tí oníṣègùn eyín ti gún un lábẹ́rẹ́: ẹnu ń lọ sókè sódò, ṣùgbọ́n kò mọ̀ bóyá oúnjẹ ló ń jẹ ni àbí ètè ara rẹ̀.

Kì í ṣe adájọ́ ilé ẹjọ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló fi orúkọ náà dápàárá, ó sì mọ́ ọn lórí. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ ńlá kan bá fẹ́ ta bọ́ǹdù, ìyẹn ni pé ó fẹ́ yá owó lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà, kó máa san èlé fún wọn lọ́dọọdún, kó sì dá ojú owó padà lọ́jọ́ àdéhùn, ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ Adájọ́ ló máa ń kọ́kọ́ wá. Adájọ́ á yẹ ìwé ìṣirò wọn wò, á lọ wo ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, á sì dábàá ipò tó yẹ wọ́n fún ìgbìmọ̀. Ìgbìmọ̀ ló máa ń dìbò.

Ipò wọ̀nyí dà bí àtẹ̀gùn. A mẹ́ta ló wà lókè pátápátá, níbi tí àwọn tí owó wọn dájú bí ilẹ̀ tó ń mọ́ wà. Bí èèyàn bá ń sọ̀ kalẹ̀, á dé B mẹ́ta tó ní àmì ìyọkúrò lẹ́yìn. Ibẹ̀ ni ilé àwọn ẹni tó ṣeé fọkàn tán parí sí. Ẹsẹ̀ kan péré sísàlẹ̀ ibẹ̀, èèyàn ti wọ àjàalẹ̀, àwọn oníṣòwò kì í sì í fi orúkọ dídùn pe ohun tó bá wà níbẹ̀. Pàǹtí ni wọ́n ń pè é.

Ilé-iṣẹ́ ìgò wà lórí àtẹ̀gùn tó gbẹ̀yìn yẹn gan-an.

Adájọ́ lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Tẹ́ẹ́rẹ́ nítorí pé afẹ́fẹ́ lè gbé e. Akápò ilé-iṣẹ́ náà ló mú wọn yíká. Ó jẹ́ ọkùnrin ọlọ́yàyà kan tó ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀, tó sì tún ń rẹ́rìn-ín tó bá sọ̀rọ̀ tán. Ìléru méjì ni wọ́n ní, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ga ju ilé alájà méjì lọ. Ọ̀kan ń jó. Ìgò pupa bí ẹyin iná ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ, wọ́n tò tẹ̀léra wọn, ara wọn á sì máa funfun díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n ṣe ń lọ. Ìkejì dákẹ́. Ẹnì kan ti gbé àga mẹ́ta lé ara wọn síwájú rẹ̀.

"A fẹ́ tún un kọ́ ni," akápò wí. "Ọjọ́ orí rẹ̀ ló pé."

Adájọ́ mọ̀ pé ìléru gíláàsì kì í sinmi. Tọ̀sán tòru ló máa ń jó fún bí ọdún mẹ́wàá, nítorí bó bá tutù, bíríkì inú rẹ̀ á là. Ẹni tó bá pa iná rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti ní owó tí yóò fi tún un kọ́ lọ́wọ́. Ó gbé ọwọ́ lé ara ògiri ìléru náà. Ó tutù bí ògiri ilé ìwẹ̀.

"Owó àtúnkọ́ ńkọ́?"

Akápò rẹ́rìn-ín. "Ó ń bọ̀. Ẹ jẹ́ ká lọ jókòó."

Nínú ọ́fíìsì rẹ̀, ìṣirò kò rẹ́rìn-ín. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, èrè tí ilé-iṣẹ́ náà ń rí kó tó san èlé tó èlé náà lọ́nà mẹ́ta. Ní báyìí, agbára káká ló fi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Owó gáàsì ti gòkè. Àwọn oníbàárà wọn méjì tó tóbi jù ti bọ́ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe ìgò oníke. Bọ́ǹdù wọn kan yóò sì pé lọ́dún tó ń bọ̀, tí wọ́n gbọ́dọ̀ san gbogbo ojú owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

"Báwo lẹ ṣe máa san án?" Tẹ́ẹ́rẹ́ béèrè.

"Bí gbogbo ayé ṣe ń san án. A máa ta bọ́ǹdù tuntun, a ó fi san ti àtijọ́." Akápò wá kọjú sí Adájọ́, ẹ̀rín rẹ̀ sì rọ. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi. Bí ẹ bá fi wá síbi tí a wà, àwọn èèyàn á yá wa ní èlé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lórí ọgọ́rùn-ún, a ó mí, a ó tún ìléru kọ́. Bí ẹ bá gbé wa sọ̀ kalẹ̀, kò sẹ́ni tó máa yá wa. Nígbà yẹn, kì í ṣe pé ẹ sọ àsọtẹ́lẹ̀ ikú wa o. Ẹ̀yin lẹ pa wá."

Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń dun Adájọ́ tẹ́lẹ̀. Á rò ó délé, á tún rò ó lórí ibùsùn. Lọ́jọ́ yẹn, ó kàn kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe gbọ́ ọ. "A ó gbé e dé iwájú ìgbìmọ̀," ó wí. Nígbà tí wọ́n jáde, Tẹ́ẹ́rẹ́ bi í pé kí ló rò. Ó ní àtẹ̀gùn méjì sísàlẹ̀ ni òun máa dábàá. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ iye aago tó lù.

Lọ́jọ́ Àìkú, ó lọ sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Bàbá ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ ojú irin. Òun ló ń wà nínú yàrá kékeré lókè, tó ń fi iná pupa àti iná ewéko darí àwọn ọkọ̀. Látìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, ó ti kọ́ bí a ṣe ń se ìrẹsì, ṣùgbọ́n kò tíì kọ́ bí a ṣe ń se ìwọ̀nba. Ìkòkò ńlá ló máa ń sè fún èèyàn méjì. Àwọn méjèèjì jókòó sídìí tábìlì. Àga kẹta wà níbẹ̀, tí aṣọ tí wọ́n ká jọ wà lórí rẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó fẹ́ jókòó sí i, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ gbé e kúrò.

"Ìyá mi," Bàbá wí (bó ṣe máa ń pe ọmọ rẹ̀ nìyẹn tí inú rẹ̀ bá dùn), "là mí lóye ọ̀rọ̀ kan. Bí mo bá yá ìjọba lówó, mọ́kànlá ni wọ́n á fún mi lórí ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó dára jù ń fúnni ní méjìlá. Àwọn mìíràn ń fúnni ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ṣé owó ti àwọn yẹn ń dà nù ni?"

Inú Adájọ́ dùn díẹ̀ pé ó béèrè. Ọ̀rọ̀ tí kò ní í ṣe pẹ̀lú òkú ni.

"Kì í ṣe pé ó ń dà nù, Bàbá. Àlàfo tó wà láàárín wọn yẹn, owó ewu ni. Ká ní ẹ yá ọgọ́rùn-ún ilé-iṣẹ́ tó wà lẹ́nu ààlà lówó. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn á san. Díẹ̀ á ṣubú, wọ́n á sì dá bí ààbọ̀ padà fún yín, tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ò lè mọ àwọn tó máa ṣubú ṣáájú. Nítorí náà, gbogbo wọn á máa san mẹ́rin lé ti ìjọba, àfikún yẹn ló máa dí ihò tí àwọn tó ṣubú bá gbẹ́. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, owó àìrorunsùn yín ni."

"Bí àlàfo náà bá wá ń fẹ̀ ńkọ́?"

"Bó bá fẹ̀ láàárín gbogbo àwọn tó dára àti gbogbo àwọn tí kò dára, ẹ̀rù ló ń ba gbogbo ọjà. Bó bá jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo ló fẹ̀, ẹni yẹn ni wọ́n ń fura sí."

Bàbá mi orí. Ó bu ìrẹsì kún àwo rẹ̀ láìbéèrè. "Ó dára tí mo béèrè. Ọkàn mi ti wá balẹ̀. Mo ti bá yín ṣe pọ̀ o. Owó tí wọ́n san fún wa lórí ìyá rẹ níbi iṣẹ́ rẹ̀, mo ní kí n má jẹ́ kó jókòó lásán. Mo sọ fún alágbàtà kó bá mi wá èyí tó ń sanwó jù nínú gbogbo àwọn tí ilé-iṣẹ́ ọmọ mi ní kò wọ àjàalẹ̀. Ti ilé-iṣẹ́ ìgò ló mú wá. Ọdún márùn-ún."

Adájọ́ fi ṣíbí sílẹ̀.

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀. Kí ló dé? Ṣé kò dáa ni?"

Ó wo bàbá rẹ̀. Ẹni tó bá yá ọgọ́rùn-ún èèyàn lówó ni mẹ́rin yẹn ń tù nínú. Ẹni tó bá yá ẹnì kan ṣoṣo, bí ẹni náà bá ṣubú, mẹ́rin rẹ̀ kò dí ihò kankan. Ó fẹ́ sọ èyí fún un. Bó bá sọ ọ́ báyìí, lẹ́yìn tó ti fọwọ́ kan ìléru tó tutù, kì í ṣe ẹ̀kọ́ mọ́. Ó ti di òfófó tí òfin iṣẹ́ wọn kà léèwọ̀.

"Ìrẹsì náà ló gbóná," ó wí. Ó tún ṣíbí mú, ó sì jẹ ẹ́ tán.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kó tó gbé àpò sílẹ̀, ó lọ sí yàrá Ọ̀gá Òfin. Obìnrin yìí ló ń rí sí i pé kò sẹ́ni tó tẹ òfin lójú níbi iṣẹ́ wọn. Òdòdó oníke kan ṣoṣo ló wà lórí tábìlì rẹ̀, ó sì ń nu ekuru rẹ̀ lójoojúmọ́ bí ẹni ń bomi rin ín.

"Bàbá mi ra bọ́ǹdù ilé-iṣẹ́ ìgò. Àná ni mo gbọ́."

Ọ̀gá Òfin fi aṣọ ìnu-nǹkan sílẹ̀. "Ṣé o ti sọ nǹkan kan fún wọn?"

"Rárá, ma."

"Nǹkan kan rárá? Ojú ńkọ́? Àwa obìnrin máa ń fi ojú sọ̀rọ̀."

"Mo ní ìrẹsì gbóná."

Ọ̀gá Òfin fa ìwé kan yọ. "O ti kúrò lórí iṣẹ́ náà látìsinsìnyí. Tẹ́ẹ́rẹ́ máa gbà á, ọ̀gá mìíràn á sì bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò láti ìbẹ̀rẹ̀ kí àbá rẹ má baà jẹ́ ìpìlẹ̀. O ò ní wọ yàrá ìgbìmọ̀. Bí bàbá rẹ bá fi orí ara wọn pinnu láti tà, ọ̀rọ̀ wọn nìyẹn. Bó bá ti ẹnu rẹ wá, wọ́n á kó ìwọ àti bàbá rẹ lọ sẹ́wọ̀n." Ó ti ìwé náà síwájú rẹ̀. "Ó dùn mí o, ọmọ mi. Ṣé owó ìyá rẹ tó kú yìí ni?"

"Òun ni, ma."

"Hẹn-ẹn. Fọwọ́ sí ibí."

Ọjọ́ bíi mélòó kan lẹ́yìn náà, Bàbá pè é lórí fóònù nígbà ìsinmi ọ̀sán. Ohùn rẹ̀ yá gágá. Alágbàtà ti sọ fún un pé bọ́ǹdù náà ti rẹlẹ̀ díẹ̀ lọ́jà, àlàfo rẹ̀ sí ti ìjọba ti kúrò ní mẹ́rin, ó ti di márùn-ún, ó sì yẹ kí ọlọ́gbọ́n tún rà sí i. Ṣé kí òun fi owó tó kù lápò kún un?

Adájọ́ jáde sí ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn, níbi tí àwọn tó ń mu sìgá máa ń dúró sí. Àwọn ọlọ́jà ti ń gbóòórùn nǹkan. Ipò ilé-iṣẹ́ náà kò tíì yí padà, ṣùgbọ́n iye owó kì í dúró de ìgbìmọ̀.

"Bàbá, mi ò lè bá yín sọ̀rọ̀ bọ́ǹdù kankan mọ́. Òfin iṣẹ́ wa ni."

"Kankan?"

"Kankan, Bàbá. Ti ìjọba pàápàá."

"Ó dáa náà." Adájọ́ ń gbọ́ rédíò rẹ̀ lẹ́yìn. "Àgbá omi ti ń jò. Jẹ́ n kúkú fi owó yẹn tún àgbá ṣe."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àgbá omi nínú ọkàn rẹ̀. Bó ṣe padà sórí àga rẹ̀, ó gbìyànjú láti mọ̀ bóyá ara tù ú. Kò rí nǹkan kan níbẹ̀.

Ìgbìmọ̀ jókòó ní yàrá onígíláàsì tó wà ní òdìkejì tábìlì rẹ̀. Ó ń rí ẹnu wọn, kò gbọ́ ohùn wọn. Tẹ́ẹ́rẹ́ dìde, ó fi ọwọ́ tọ́ka sí ara ògiri, ó tún jókòó. Ẹnì kan mu omi. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé ọwọ́ sókè, ọwọ́ gbogbo wọn àyàfi ti ẹnì kan, Adájọ́ sì wo orí tábìlì rẹ̀. Nígbà tí Tẹ́ẹ́rẹ́ jáde, ó gba iwájú rẹ̀ kọjá láìwo ojú rẹ̀. Ohun tó yẹ kó ṣe nìyẹn. Wọ́n fi ìkéde náà ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ ìgò kí wọ́n wò ó bóyá àṣìṣe kan wà nínú ìṣirò. Akápò kò rí àṣìṣe. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n gbé e jáde fún gbogbo ayé: àtẹ̀gùn méjì sísàlẹ̀, B méjì.

Ohun tó tẹ̀lé e kò ya ẹni tó mọ ọjà lẹ́nu. Àwọn àjọ tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì àwọn òṣìṣẹ́ ló ni èyí tó pọ̀ jù nínú bọ́ǹdù náà, òfin wọn kò sì gbà wọ́n láyè láti tọ́jú nǹkan àjàalẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ tà, ìbáà wù wọ́n, ìbáà má wù wọ́n. Nígbà tí gbogbo èèyàn bá fẹ́ gba ẹnu ọ̀nà kan jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tó dúró níta ló ń dá iye lé e. Àwọn tó rà á sọ pé bí àlàfo náà kò bá tó mẹ́sàn-án, àwọn kò ní fọwọ́ kàn án. Kí bọ́ǹdù tó ń san mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó lè fún ẹni tó rà á lónìí ní ogún, iye rẹ̀ gbọ́dọ̀ já. Ohun tí Bàbá rà ní ọgọ́rùn-ún di márùndínláàádọ́rùn-ún kó tó di ìrọ̀lẹ́. Bọ́ǹdù àwọn A mẹ́ta wà ní méjìlá wọn bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ayé ni ẹ̀rù ń bà. Ilé-iṣẹ́ ìgò nìkan ni.

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló kọ́kọ́ pè é.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ mọ̀?"

"Mo mọ ohun tí gbogbo èèyàn mọ̀."

"Ẹ má fi ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì dá mi lóhùn! Ilé-iṣẹ́ yín ló gbé e jáde! Ṣé ẹ mọ̀ kó tó jáde, ẹ sì jókòó síwájú Bàbá, ẹ ń jẹ ìrẹsì?"

"Mo jókòó síwájú Bàbá, mo jẹ ìrẹsì."

"Owó Màmá ni o! Ọdún mélòó ni wọ́n fi ṣiṣẹ́ kí ilé-iṣẹ́ wọn tó san án? Ṣé ọkàn wà láyà yín ṣá?"

Adájọ́ ronú lé ìbéèrè náà lóòótọ́. "Mi ò mọ̀," ó wí. Ẹnu ya àbúrò rẹ̀ débi pé ó pa fóònù.

Bàbá kò tà. Ó ní òun kò ra nǹkan kí òun máa tà á nítorí pé àwọn kan ń sáré. Fún oṣù bíi mélòó kan, ó dà bí ẹni pé òun ló gbọ́n, nítorí wọ́n san èlé rẹ̀ nígbà tó yẹ, ó sì ra bàtà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí bọ́ǹdù àtijọ́ yẹn máa pé ń sún mọ́lé. Akápò lọ bá àwọn olówó kó lè yá tuntun. Méjìlélógún ni wọ́n ní kó san. Ilé-iṣẹ́ tí èrè rẹ̀ kò fẹ́ẹ̀ tó èlé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kò lè ru méjìlélógún. Ọjọ́ pé, owó kò pé. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, wọ́n pa iná ìléru kan tó ṣẹ́ kù.

Wọ́n pe gbogbo àwọn tó ni bọ́ǹdù sí ìpàdé ní gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì kan. Adájọ́ bá Bàbá lọ, ṣùgbọ́n kò wọlé. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀nà ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó ń ta omi tútù. Ó ń gbọ́ ariwo nínú, ẹnì kan ń kígbe pé ọlè ni gbogbo wọn, ẹlòmíràn ní kí wọ́n jẹ́ ká gbọ́rọ̀. Akápò jáde lẹ́ẹ̀kan láti nu ojú. Ó rí i. Ó dà bí ẹni pé ó fẹ́ rẹ́rìn-ín bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí i ṣe.

"Mo sọ fún yín," ó wí.

"Ẹ sọ fún mi," Adájọ́ dáhùn.

Akápò padà wọlé.

Nígbà tí Bàbá jáde, ó rọra ń rìn nínú bàtà tuntun rẹ̀. Ó jókòó tì í. "Wọ́n ní báńkì ló kọ́kọ́ máa gba tiwọn, nítorí ilẹ̀ àti ẹ̀rọ ló dúró fún owó tiwọn. Àwọn òṣìṣẹ́ náà á gba tiwọn. Ohun tó bá ṣẹ́ kù ni tiwa. Wọ́n ní ká máa retí bí ogójì nínú ọgọ́rùn-ún, bí Ọlọ́run bá dá sí i."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá."

"Lọ́jọ́ tí mo sọ fún ẹ pé mo rà á, ṣé o ti mọ̀?"

Ó ti ń retí ìbéèrè yìí tipẹ́. Ìkéde náà ti jáde, ìpàdé ti ṣẹlẹ̀, kò sí òfin kankan mọ́ tó di ẹnu rẹ̀.

"Mo ti lọ síbẹ̀. Mo ti rí i. Mo ti mọ ohun tí èmi máa dábàá."

"O ò sì lè sọ."

"Mi ò lè sọ."

Bàbá ń wo ẹ̀rọ omi náà. "Nígbà tí oyún àbúrò rẹ wà nínú ìyá rẹ, ó ń ti ilé ìwòsàn bọ̀ lọ́jọ́ kan. Mo mọ ọkọ̀ tó wọ̀. Ọkọ̀ ẹrù kan ti yẹ̀ kúrò lórí irin níwájú. Mo fi iná pupa dá ọkọ̀ wọn dúró nínú òjò, kò síná, kò sómi, láti ọ̀sán títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. Mo ń rí òrùlé ọkọ̀ náà láti ojú fèrèsé mi. Ká ní mo fún wọn ní iná ewéko, wọn ì bá lọ kọ lù ú."

"Kí ni Màmá sọ?"

"Ìyá rẹ? Ó ní òun mọ̀ pé n kò jẹ̀bi, ó sì tún ní òun kò ní bá mi sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Kò sì bá mi sọ̀rọ̀ lóòótọ́. Yóò gbé oúnjẹ síwájú mi, á gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan." Ó dìde, ó di ògiri mú. "Èmi náà mọ̀ pé o ò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n n kò ní bá ẹ sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Má bínú sí mi."

"Mi ò bínú, Bàbá."

Ó sì mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni Adájọ́ ń lọ, gbogbo ọjọ́ Àìkú ni ìkòkò ńlá ń wà lórí iná. Ó máa ń kí i, Bàbá á mi orí. Wọ́n á jẹun. Nígbà tó bá ń lọ, Bàbá á di èyí tó kù sínú abọ́ fún un, á sì gbé e sẹ́nu ọ̀nà. Àbúrò rẹ̀ gbọ́, ó wá bẹ Bàbá pé ó ti tó, òun pàápàá kò bínú mọ́. Bàbá sọ fún un pé ọ̀rọ̀ náà kò kàn án. Níbi iṣẹ́, wọ́n fún Adájọ́ ní ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe sìmẹ́ǹtì, lẹ́yìn náà wọ́n fún un ní ti àwọn tó ni ọkọ̀ òkun. Ó ṣe wọ́n dáadáa. Tẹ́ẹ́rẹ́ ní òun kò mọ bó ṣe ń ṣe é. Adájọ́ náà kò mọ̀.

Méjìdínlógójì nínú ọgọ́rùn-ún ni owó náà jẹ́ nígbà tó dé. Bàbá pè é lórí fóònù. "Bá mi lọ sọ́dọ̀ alágbàtà," ó wí, bí ẹni pé àná ni wọ́n sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn.

Alágbàtà ti kọ́ ọgbọ́n tiẹ̀ náà. Ó to nǹkan mẹ́ta síwájú Bàbá, ó ń ṣàlàyé bí èèyàn ṣe lè pín owó káàkiri ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kí ìṣubú ẹnì kan má baà pa á. Òótọ́ ló ń sọ. Adájọ́ gbọ́ ọ, ó sì wo ilẹ̀, nítorí pé kò tún lè dá sí i.

"Ti ìjọba ni mo fẹ́," Bàbá wí.

"Mọ́kànlá péré ni o, Bàbá."

"Mo gbọ́."

"Ẹ tún rò ó wò. Àwọn A mẹ́ta wà níbí, méjìlá ni..."

"Ọmọ mi, mo ti dàgbà. Kì í ṣe pé mo rò pé ìwọ ò mọ iṣẹ́ rẹ. Oorun ni mo fẹ́ fi owó yẹn rà."

Ó fọwọ́ sí i. Nínú bọ́ọ̀sì, bí wọ́n ṣe ń padà lọ sílé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí wọ́n ṣe lẹ àgbá omi náà, àti bí ẹni tó lẹ̀ ẹ́ ṣe gbàgbé irinṣẹ́ rẹ̀ sínú àgbá. Kò tíì sọ ọ́ tán tí oorun fi gbé e lọ. Orí rẹ̀ wúwo lórí èjìká ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, apá Adájọ́ kú, kò mọ ìka rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n kò mira. Bọ́ọ̀sì kọjá ibi tó yẹ kí wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀. Ó wo ibẹ̀ bó ṣe ń lọ sẹ́yìn lójú fèrèsé. Ibùdókọ̀ mìíràn wà níwájú, wọ́n á sọ̀ níbẹ̀, wọ́n á sì fẹsẹ̀ rìn padà.